Wọ́n Gé Etí Fọ́tò, Àmì Olówó Rẹ̀ Kò Lọ

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ìyá kan tí wọ́n ń ta aṣọ ní Tamale fi ìwé ìpolówó ránṣẹ́ sí wa, kí a lè bá wọn gbé e sí ojú ewé ìkéde wa. Kakpagyili ni wọ́n ń gbé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ ti wá, ó wà lára àwọn Yorùbá tó ń ná ọjà káàkiri àríwá Gánà kí àṣẹ ìjọba ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀, ìdílé náà padà. Ṣọ́ọ̀bù ìyá yìí kò tóbi, ṣùgbọ́n ojú wọn mọ aṣọ.

Ìwé ìpolówó náà dára lójú. Ó fi obìnrin kan tó gbé ọmọ sọ́wọ́ hàn, àwọn méjèèjì wọ ankará aláwọ̀ òféfèé, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà lókè, nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ girama ló ṣe é nínú Word, fáìlì Word yẹn náà ló sì fi ránṣẹ́.

Nǹkan méjì ló kọ́kọ́ kọ wá lóminú. Ọwọ́ ọ̀tún ọmọ inú fọ́tò náà ti gé dànù ní ọrùn ọwọ́, ayàwòrán tó mọṣẹ́ kì í sì í sáábà gé ọmọ báyẹn. Ìkejì ni ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó kù nísàlẹ̀, bí okùn òwú tó yọ létí aṣọ. A tẹ fọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan, a lọ sí Picture Format, a sì tẹ Crop. Gbogbo ohun tí ọmọ náà gé padà yọ: ọ̀já funfun kan ní ìsàlẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ilé ìtajà fọ́tò kan àti nọ́ńbà fọ́tò náà sí, àti orúkọ ilé ìtajà yìí kan náà ní igun ọ̀tún, lórí ọwọ́ ọmọ gan-an.

Ohun tí àwọn aláwòrán ń pè ní wọ́tàmáàkì nìyẹn. Ìtàn ọ̀rọ̀ náà fà wá mọ́ra díẹ̀ (ẹ má bínú, iṣẹ́ èdè la kọ́). Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn tó ń ṣe pépà máa ń fi wáyà tẹ àmì sí i nígbà tó ṣì tutù, tí a bá gbé pépà náà sí ìmọ́lẹ̀, a ó rí àmì yẹn. Ẹni tó ṣe pépà ni àmì náà ń sọ. Lónìí, ilé ìtajà fọ́tò orí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń tẹ orúkọ wọn lé ẹ̀dà tí wọ́n fi ń polówó, tí oníbàárà bá sì sanwó, wọ́n á fún un ní ẹ̀dà tó mọ́, tó sì tóbi.

A pe ìyá náà lórí fóònù. A kí wọn, a béèrè àlàáfíà ọjà, a wá sọ ohun tí a rí. Wọ́n pe ọmọ wọn wá síbi fóònù. Kò jiyàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò jí nǹkan kan. Orí gúgù ni mo ti rí i, gbogbo ayé ló ń rí i. Mo kàn gé etí rẹ̀ ni, mi ò fọwọ́ kan ojú èèyàn."

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dáhùn, kì í ṣe àwa. Wọ́n ní, "Etí? Ìwọ tí o ń bá mi ṣí bẹ́ẹ̀lì aṣọ!"

Ẹni tó bá ti ra ankará ní ọjà Gánà mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Lára etí aṣọ ni Vlisco àti GTP máa ń tẹ orúkọ wọn sí, létí lọ́hùn-ún tí télọ̀ á gé dànù bó bá yá. Ibẹ̀ ni aláṣọ máa ń kọ́kọ́ wò láti mọ ẹni tó ni aṣọ. Bí ẹnì kan bá gbé odidi bọ́ńdù wá tí wọ́n ti gé etí rẹ̀ kúrò kó tó dé ọjà, ìyá yìí kì í fọwọ́ kàn án. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àwọn onítọ̀hún ni pé, kí lẹ fẹ́ fi pamọ́?

Ìbéèrè kan náà ni òfin ń bi ẹni tó gé wọ́tàmáàkì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí gígé náà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé tí àmì bá ti kúrò lójú, ó tán. Gígé kò lè mú ju àmì tó wà létí lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà fọ́tò ti mọ èyí, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tẹ orúkọ wọn gba àárín fọ́tò kọjá, lórí ojú àti aṣọ, léraléra, tó fi jẹ́ pé kò sí ibi tí a lè gé sí tí fọ́tò yóò ṣẹ́kù. Èyí tí ọmọ yìí rí jẹ́ irú tí àmì rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ àti igun nìkan. Ẹ̀dà tó rí fẹ̀ ní píksẹ́ẹ̀lì 800, ó sì ga ní 560. Ó gé 30 kúrò nísàlẹ̀ nítorí ọ̀já funfun, ó gé 150 kúrò lọ́tùn-ún nítorí orúkọ igun. Ohun tó kù jẹ́ 650 sí 530.

Ìwé ìléwọ́ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ jẹ́ ìdajì pépà A4, èyí tó fẹ̀ ní mìlímítà 148, bí íńṣì mẹ́fà dín díẹ̀. Atẹ̀wé tó mọṣẹ́ á fẹ́ kí fọ́tò ní píksẹ́ẹ̀lì 300 nínú íńṣì kọ̀ọ̀kan kó tó lè tàn dáadáa. Fọ́tò tó bá máa gba gbogbo ìbú ìwé yẹn gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 1,750. Ẹni tó ní 650 kò ní ju 112 lọ nínú íńṣì kan, ojú ìyá àti ọmọ inú fọ́tò á wá rí bí ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì ọlọ́yẹ́. Ẹ̀dà ìpolówó kéré báyẹn nítorí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, òun náà jẹ́ irú wọ́tàmáàkì kan tí ẹnikẹ́ni kò lè gé.

Èkejì, nínú Word, gígé kì í pa ohun tí a gé rẹ́. Ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá gba fáìlì náà lè ṣe ohun tí a ṣe, kó sì rí gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn òbí mọ èyí fún ìdí mìíràn tí kò kan òfin fọ́tò rárá. Tí ẹ bá gé bájì ilé ìwé tàbí nọ́ńbà ilé kúrò nínú fọ́tò ọmọ yín, tí ẹ sì fi fáìlì Word ránṣẹ́, bájì yẹn ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ sí Compress Pictures, kí ẹ fàmì sí Delete cropped areas of pictures, kí ẹ sì tún fáìlì náà tọ́jú. Ìgbà yẹn ló tó lọ.

Orúkọ tún lè wà nínú ikùn fáìlì fọ́tò fúnra rẹ̀, níbi tí ojú kò tó. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún màásì tẹ fáìlì náà, ẹ lọ sí Properties, lẹ́yìn náà Details. Lábẹ́ Authors àti Copyright, ẹ lè rí orúkọ ẹni tó yà á. Gígé etí kì í sábà kan ibẹ̀. Òótọ́ ni pé WhatsApp máa ń fọ ìkọ̀wé yẹn kúrò tí a bá fi fọ́tò ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, nítorí náà tí ẹ kò bá rí orúkọ níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé fọ́tò náà kò ní olówó.

Ní ti pé ṣé wọ́n lè rí i mú: wọ́n lè rí i. Ẹ gbé fọ́tò tí a gé sí Google Lens tàbí TinEye, yóò sábà mú odidi rẹ̀ jáde, nítorí pé ìrísí inú fọ́tò ni wọ́n fi ń wá a, wọn kì í wo etí rẹ̀ nìkan. A gbé ti ìyá yìí sí i, ó sì gbé wa dé ojú ewé ilé ìtajà náà. Nọ́ńbà tó wà lórí ọ̀já funfun ló jẹ́ kó dá wa lójú pé òun gan-an ni. Ohun tí ọmọ náà gé dànù ni àdírẹ́sì ẹni tí ì bá lọ bá.

Lójú ewé yẹn la ti rí ohun tó burú ju owó lọ. Orúkọ ayàwòrán wà níbẹ̀, iye owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé Editorial use only. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fún ìròyìn àti àlàyé nìkan ni, kò wà fún ìpolówó ọjà. Ohun tó sábà ń fà á ni pé ẹni tó wà nínú fọ́tò kò fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n fi ojú òun tajà. Nítorí náà, ká tilẹ̀ ní ìyá náà sanwó fọ́tò yẹn lọ́jọ́ náà, kò lè bá wọn polówó aṣọ. Obìnrin yẹn àti ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ pé àwọn ń ta ankará ní Tamale. Nígbà tí a ṣàlàyé èyí, ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá béèrè pé, "Tí ẹnì kan bá wá fi fọ́tò Màámi báyẹn ńkọ́?" A kò dá a lóhùn, ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ó wá ku òfin. Ní Gánà, Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti ọdún 2005, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 690, dáàbò bo fọ́tò láti ìgbà tí wọ́n ti yà á. Kò dìgbà tí ayàwòrán bá lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kankan, ààbò náà sì wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. "Orí gúgù ni mo ti rí i" kò yí ìyẹn padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Lílo fọ́tò láìgbàṣẹ jẹ́ ọ̀kan. Abala 42 òfin náà tún ka yíyọ tàbí yíyí àlàyé orí kọ̀ǹpútà tó ń sọ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ iṣẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀. Abala 43 sọ ìjìyà: ìtanràn láti ẹyọ 500 sí 1,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ, tàbí méjèèjì. Ẹyọ ìtanràn kan jẹ́ sídì 12, nítorí náà owó náà bẹ̀rẹ̀ láti sídì 6,000 títí dé 12,000. Nàìjíríà náà ní irú òfin yìí nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022. Orísun kan ni wọ́n ti mu omi, ìyẹn àdéhùn àgbáyé ti WIPO ní ọdún 1996, èyí tó ní kí àwọn orílẹ̀-èdè fìyà jẹ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ yọ irú àlàyé bẹ́ẹ̀, tó sì mọ̀ tàbí tó yẹ kó mọ̀ pé yóò ran ìlò láìgbàṣẹ lọ́wọ́ tàbí pé yóò bò ó mọ́lẹ̀.

"Mọ̀ọ́mọ̀" ni ọ̀rọ̀ tó wúwo jù níbẹ̀. Ẹni tó rí fọ́tò tí kò ní àmì kankan lè sọ pé òun kò mọ̀ pé ó ní olówó, wọ́n sì lè gbọ́ ọ. Ẹni tó gé àmì kúrò kò lè sọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tó fi gé e ti sọ pé ó rí i.

Bóyá ẹ ó ní ta ló ń gbé ènìyàn lọ sí kóòtù nítorí pé ó gé etí fọ́tò? A rí ọ̀kan tó bá èyí mu gẹ́lẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2006, ìwé ìròyìn New Jersey Monthly gba ayàwòrán kan, Peter Murphy, láti ya sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ méjì ní ilé iṣẹ́ rédíò WKXW. Fọ́tò ẹ̀fẹ̀ ni, wọ́n dúró lẹ́yìn pátákó rédíò náà bí ẹni tí kò wọṣọ. Orúkọ Murphy wà níbi tí ojú ewé ìwé ìròyìn ti pàdé, ní lẹ́tà wíńníwínní. Òṣìṣẹ́ rédíò kan gbé fọ́tò náà sórí ẹ̀rọ adàwòrán, ó gbé e sí ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì wọn, ó sì gé ibi tí orúkọ ayàwòrán wà dànù. Murphy pe ẹjọ́. Àwọn agbẹjọ́rò rédíò jiyàn pé òfin yẹn wà fún àwọn àmì tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lé lórí, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sórí pépà. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ gbà fún wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà: orúkọ ayàwòrán létí fọ́tò jẹ́ àlàyé ẹ̀tọ́ tí òfin dáàbò bò, ohun yòówù kí wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n sì dá ẹjọ́ náà padà sísàlẹ̀ kí Murphy lè máa bá a lọ. Lábẹ́ òfin wọn níbẹ̀, yíyọ àlàyé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè jẹ́ dọ́là 2,500 sí 25,000.

Kì í ṣe gbogbo gígé ni ẹ̀ṣẹ̀, kí a má baà dẹ́rù ba yín kọjá ààlà. Fọ́tò tí ẹ fi fóònù yín yà, tí fóònù náà tẹ orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, tiyín ni, ẹ gé e bó ṣe wù yín. Fọ́tò tí ẹ sanwó rẹ̀ kò nílò gígé, nítorí ẹ̀dà tó mọ́ wà níbi tí ẹ ti sanwó. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà tilẹ̀ gbà kí ẹ fi ẹ̀dà alámì ṣe àpẹẹrẹ láàrin ara yín, kí ẹ wò bó ṣe máa rí kí ẹ tó rà á, níwọ̀n ìgbà tí àmì bá wà lórí rẹ̀. Òfin Gánà náà gbà kí ènìyàn ṣe àdàkọ fún ìlò ara rẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ìtàkùn orí WhatsApp tí ẹ fi ń tajà kì í ṣe ìlò ara ẹni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ogójì ènìyàn péré ló ń wò ó. Àwọn fọ́tò tó wà ní Wikimedia Commons, òmíràn wà tí ẹ lè gé, kí ẹ fi polówó pàápàá, tí ẹ bá ti kọ orúkọ ayàwòrán sí ibi tí ojú lè rí i, kí ẹ sì sọ pé ẹ gé e. Ẹ ka àdéhùn tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò dọ́gba.

Wọ́tàmáàkì pàápàá lè purọ́. Carol Highsmith, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò rẹ̀ ta Ilé Ìkówèésí ti Ìjọba wọn lọ́rẹ kí gbogbo ayé lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ìparí 2015, wọ́n kọ ìwé sí i pé kó san dọ́là 120 nítorí pé ó gbé fọ́tò kan sí ojú ewé ara rẹ̀. Òun gan-an ló ya fọ́tò náà. Tí ẹ bá fura pé irú rẹ̀ lẹ rí, ẹ má gé àmì náà, ẹ wá orísun rẹ̀ lọ, kí ẹ mú ẹ̀dà tó mọ́ níbẹ̀.

Èyí tó dùn wá jù nínú gbogbo rẹ̀ kò jìnnà sílé. Ayàwòrán àdúgbò tó bá ya ìkómọ tàbí ìgbéyàwó máa ń kọ́kọ́ fi ẹ̀dà alámì ránṣẹ́ sórí WhatsApp kí ẹ lè yan èyí tí ẹ fẹ́. Ẹbí á gé orúkọ rẹ̀ kúrò, wọ́n á gbé e sí ìtàkùn, wọn ò ní padà wá sanwó èyí tó kù. Ilé ìtajà ńlá ní agbẹjọ́rò. Ẹni yìí ní kámẹ́rà kan àti owó epo ọ̀kadà, orúkọ tí ẹ gé yẹn sì ni oníbàárà mìíràn ì bá fi rí i.

Ìyá náà kò jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n pe ọ̀dọ́mọbìnrin ayàwòrán kan ládùúgbò, ó ya ọmọ wọn obìnrin àti ọmọ-ọmọ wọn lójú ọ̀nà ilé, nínú aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù gan-an. Fáìlì tó fún wọn fẹ̀ ju 4,000 lọ. Wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé kan ṣoṣo: iye owó, pé ìwé ìléwọ́ àti WhatsApp ni wọn yóò fi fọ́tò náà ṣe fún ọdún méjì, àti pé orúkọ ayàwòrán yóò wà létí rẹ̀. Ìyá ọmọ fọwọ́ sí i fún ara rẹ̀ àti fún ọmọ náà. Ọmọkùnrin yẹn pa èyí àkọ́kọ́ rẹ́ lórí WhatsApp, ó sì kọ ránṣẹ́ sí àwọn méjì tó ti gbé e lọ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ yọ ọ́ kúrò. Ẹnì kan ti yọ ọ́. Ẹnì kejì kò tíì dáhùn títí di ìgbà tí a ń kọ èyí.